Ẹ Má Sunkún Ju Ọlọ́fọ̀ Lọ Nínú Ìwé

Ẹnì kan dúró lẹ́nu géètì, ó fa ọmọ ilé kan mọ́ra, ó ní, "Jọ̀ọ́, kí lorúkọ màmá tó kú yìí gan-an?" Ọmọ sọ fún un. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì tí wọ́n gbé àwòrán òkú àti ìwé ìbánikẹ́dùn lé, ó mú bírò, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ìyá rere, ìyá àwòkọ́ṣe, àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ kò ní dí láéláé. A ò lè gbàgbé ìmọ̀ràn tí ẹ máa ń fún wa. Ó dàárọ̀ o, màmá wa." Ó fọwọ́ sí i, ó lọ jókòó, ó ń wojú àwọn tó ń pín omi inú ọ̀rá.

Ìmọ̀ràn wo ni wọ́n fún ọ? Ọjọ́ wo? Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu géètì!

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, kì í sì í ṣe òkèèrè ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Bí òkú bá ṣẹ̀ nínú ẹbí wa, èmi ni wọ́n sábà máa ń fi ṣọ́ tábìlì ìwé, torí wọ́n ní ojú mi kì í kúrò lára nǹkan. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n á tún ní kí n bá àwọn ọmọ olóòkú jókòó kà á. Ohun tí mo rí nínú ìwé wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí n gbé kálámù lónìí.

Ẹ rò pé kò sẹ́ni tó ń kà á ni. Wọ́n ń kà á o. Bí wọ́n bá ti tú kánópì, tí àwọn alásè ti kó ìkòkò wọn lọ, tí àwọn ẹbí tó wá láti ìlú mìíràn ti wọkọ̀ padà sílé, ìgbà yẹn ni ọmọ olóòkú máa ń gbé ìwé náà lé ẹsẹ̀, tí á máa ṣí i láti ojú ewé kìíní. Bó bá kan "ìyá rere, ìyá àwòkọ́ṣe", á ṣí i kọjá. Bó bá kan èkejì, á tún ṣí i kọjá, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni kejì wo ti ẹni kìíní kọ ni. Ẹ má sẹ́, mo máa ń rí yín bí ẹ ṣe ń yọjú wo ohun tí ẹni tó ṣáájú yín kọ, bí ọmọ iléèwé tó ń jí ìwé ẹnìkejì wò nínú ìdánwò.

Mo ti rí ibi tí ọmọ olóòkú ti dúró, tí kò ṣí i mọ́. Obìnrin kan tó ń ta ata lọ́jà ló kọ ìlà díẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Ó ní òun ò mọ ilé màmá yìí rí títí wọ́n fi kú, àfi pé lọ́jọ́ kan òun ṣèèṣì fún wọn ní ṣéńjì tó ju bó ṣe yẹ lọ, màmá ti dé ibùdókọ̀ kí wọ́n tó ka owó náà, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn wá dá a padà fún òun. Ó ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ó tán. Ọmọ tó ń ka ìwé pe àwọn àbúrò rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé ìwà ìyá wọn nìyẹn. Wọ́n sunkún, torí ìyá ò sọ ọ́ fún wọn rí. Gbogbo àwọn tó kọ "ìyá rere" síbẹ̀, ẹ̀rí kankan ò tọwọ́ wọn jáde. Aláta tí kò mọ ilé ló jẹ́rìí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí kò mọ òkú dáadáa kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ó ti wà níbi tí àwọn ará ilé kò sí. Bó bá rí òkú náà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni kó kọ, bó ṣe rí gan-an, kó sì sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ẹ ṣe é. Ẹ rò pé bí ẹ bá jẹ́wọ́ pé ẹ ò mọ̀ wọ́n, àwọn ènìyàn á bi yín pé kí lẹ wá ṣe. Ta ló máa bi yín? Ọlọ́fọ̀ mọ àwọn tó ń wọlé tọ ìyá rẹ̀ wá. Ó mọ̀ pé ìwọ ò sí lára wọn. Bí o bá wá kọ ọ́ bíi pé o wà lára wọn, ohun tí á máa rò ni pé bóyá gbogbo ohun tí o kọ yẹn, irọ́ ni.

Ohun tó sì ń fa irọ́ yìí ni pé òkú lẹ ń kọ̀wé sí. "Ó dàárọ̀." "Sùn re." "Ó di gbéré." Ọ̀rọ̀ ọmọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àtọjọ́mọ́jọ́. Ẹni tí o kò bá sọ̀rọ̀ rí nígbà tó wà láàyè, kí lo fẹ́ bá a sọ báyìí? Ta lo mọ̀ nínú ilé yìí? Àbúrò rẹ̀ ni àbí ọmọ rẹ̀? Nítorí ẹni yẹn lo ṣe wá. Òun ni kí o kọ̀wé sí. Bí o bá ti dojú ọ̀rọ̀ kọ alààyè tí o mọ̀, irọ́ á tán lọ́wọ́ rẹ fúnra rẹ̀, torí o mọ ohun tí wàá bá a sọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ òkèèrè, kí ẹ má baà ní àgbà ń fi ti ilé nìkan yọ yín lẹ́nu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1864, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú ìròyìn wá bá Ààrẹ Ábráhámù Líńkọ́ọ̀nù pé opó kan wà ní ìlú Bọ́sítìnì, Ìyáàfin Bíkísíbì, tí ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún ti kú sójú ogun. Líńkọ́ọ̀nù ò mọ ìyá, kò mọ ọmọ. Ìwé tó jáde lórúkọ rẹ̀ sí obìnrin yìí kò gùn tó ojú ewé kan, síbẹ̀ títí dòní ni wọ́n ṣì ń kà á nílẹ̀ wọn. Kò sọ níbẹ̀ pé òun mọ àwọn ọmọ náà tàbí pé wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí. Ó sọ bí òun ṣe gbọ́ ìròyìn náà, pé ìwé ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogun ni wọ́n fi han òun. Ó ní ọ̀rọ̀ yòówù tí òun bá sọ kò ní lágbára níwájú irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ó dúpẹ́ lórúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n kú fún. Ó gbàdúrà ìtùnú. Ó fọwọ́ sí i. Àwọn kan tilẹ̀ ní akọ̀wé rẹ̀, Jọ́ọ̀nù Héè, ló kọ ọ́. Ẹni yòówù kó kọ ọ́, ó mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Àmọ́ ìwé náà ní àbùkù kan, èmi ò sì ní fi pamọ́. Àwọn tó yẹ ìwé ológun wò lẹ́yìn náà rí i pé méjì péré nínú ọmọ márùn-ún yẹn ló dájú pé ó kú sójú ogun. Wọ́n ti dá ọ̀kan sílẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀kan sì ti sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló gbé iye tí kò tọ̀nà wá bá Líńkọ́ọ̀nù. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ààrẹ tó ní odidi ọ́fíìsì tó ń bá a wádìí, mélòó mélòó ìwọ tí o gbọ́ nípa òkú nínú ọkọ̀ akérò?

Nítorí náà, kí o tó gbé bírò, wádìí. Kò le. Ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́nu géètì ti sọ ìdajì fún ọ, ṣùgbọ́n àwòrán nìkan lẹ máa ń wò. Ẹ ka àkọlé rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ìpè sí ògo ni, tàbí pé wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ ìgbé ayé rẹ̀, àgbà ló lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó lọ láìtọ́jọ́, tàbí pé ikú rẹ̀ dùn wọ́n, ẹ dá ẹsẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti máa ń to àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wò ó bóyá ìyá tàbí bàbá wà lára wọn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni ẹ ti máa ń ṣubú jù lọ. Ẹ ti mọ̀ pé bí àgbà bá kú, tí àwọn ọmọ sì wà láti sin ín, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ni à ń kí wọn. A tilẹ̀ lè gbàdúrà pé kí àwa náà gbó tó o. Bí ọ̀dọ́ bá kú, "ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù" ni. Èyí kò ṣòro. Ibi tó ti ṣòro ni ti ẹni tó wà láàárín, tí irun ti funfun lórí rẹ̀ nínú àwòrán, àmọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣì jókòó sínú yàrá. Ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọgọ́ta ọdún lè jẹ́ àgbà lójú gbogbo àdúgbò. Lójú ìyá tó bí i, ọmọ ló kú. Bí o bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá gbó, bàbá tọ́, pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ìyá arúgbó yẹn ni wọ́n máa kà á fún. Mo ti rí i rí tí wọ́n kà á kọjá wéré, tí ẹni tó ń kà á ń dọ́gbọ́n fo ìlà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ẹnì kan ń jẹ́ Kúnlé, ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà, tábìlì rẹ̀ kọjú sí tìrẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú, ọmọ ọdún 58. O rí ẹ̀gbọ́n yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n rán gbogbo yín lọ kí Kúnlé. Lára yín, àwọn tó ṣáájú ti kọ ọ́ pé: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Bàbá ti sáré ìje wọn parí. Àlàfo yín kò ní ṣeé dí. Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run ló gbà. Láti ọ̀dọ̀ Bọ́lá." Ó wá kàn ọ́.

Ohun kìíní, o ti ka ìkéde lẹ́nu géètì, o rí i níbẹ̀ pé ìyá rẹ̀ wà láàyè. Ìkíni ti yí padà nìyẹn: ọ̀fọ̀ ni. "Bàbá" gan-an kò bójú mu mọ́ nínú ìwé tí ìyá rẹ̀ máa gbọ́. Ohun kejì, ronú lórí ọjọ́ kan ṣoṣo tí o rí i. Má ronú nípa ìwà rẹ̀ lápapọ̀, o ò mọ̀ ọ́n. Kí ló ṣe lójú rẹ? O rántí pé òjò dá yín dúró ní ọ́fíìsì lálẹ́ ọjọ́ kan, pé ó wá fi ọkọ̀ gbé àbúrò rẹ̀, ó ní kí ìwọ náà wọlé. Ó tó. Ohun kẹta, ta ni yóò ka ìwé yìí? Ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. Nígbà náà ni kí o wá kọ ọ́:

"Màmá, ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kúnlé ni èmi mọ̀, a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òjò dá wa dúró ní ọ́fíìsì lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé e, wọ́n ní kí èmi náà wọlé, wọ́n sì kọ́kọ́ gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé mi, bẹ́ẹ̀ ìhà ibòmíràn ni wọ́n ń lọ. Kí Ọlọ́run rẹ̀ yín lẹ́kún, kó sì dá àwọn tó kù sí fún yín."

Lábẹ́ rẹ̀, kọ orúkọ rẹ méjèèjì, kí o sì fi kún un pé alábàáṣiṣẹ́ Kúnlé ni ọ́, ní ẹ̀ka tí ẹ wà. Ti "Bọ́lá" tí ẹ máa ń kọ yẹn, Bọ́lá mélòó ló wà nílẹ̀ yìí? Ọlọ́fọ̀ á máa fi ọjọ́ méjì ronú bóyá Bọ́lá ti ìjọ ni àbí Bọ́lá ti ilé ẹ̀yìn.

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú ìwé yẹn. Àlàfo ò sí níbẹ̀. "Ọlọ́run ló fún ni" ò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ẹnu ọlọ́fọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti dùn, ó le púpọ̀ bí àlejò bá sọ ọ́ fún ìyá tí ọmọ kú mọ́ lójú. Ìtàn ìgbà tí bàbá tìrẹ kú náà ò sí níbẹ̀. Kò sì béèrè irú àìsàn tó ṣe é. Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ẹnu yà mí, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Ta ni á dáhùn? Ṣé ìwé náà ni?

Ẹ tún kíyè sí i pé "wọ́n" ni mo fi pe ẹ̀gbọ́n Kúnlé. Kódà bí o bá ju ẹ̀gbọ́n náà lọ lọ́jọ́ orí, ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún ẹni tó gbà ọ́ lálejò, "wọ́n" náà ni kí o fi pè é níwájú àwọn àbúrò rẹ̀. Àyàfi tó bá jẹ́ ọmọdé. Ìwé tí mò ń kà báyìí kún fún "ó lọ", "ó fi wá sílẹ̀", bíi pé ẹgbẹ́ yín ni gbogbo òkú.

Bí o ò bá rí òkú náà rí ńkọ́? Ó ṣì ní ọ̀nà. Kí ni ẹni tí o mọ̀ máa ń sọ nípa rẹ̀? Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá máa ń yọ ẹ̀kọ ìyá rẹ̀ jẹ ní ọ́fíìsì, tó máa ń ní "ìyá mi ò gbà kí n jáde láìgbé e dání", kọ ìyẹn. "N kò rí màmá yín rí, àmọ́ mo ti jẹ nínú ẹ̀kọ wọn." Ìlà kan yìí ju ojú ewé kan ìyìn lọ, ìyàtọ̀ ibẹ̀ sì ni pé kò sẹ́ni tó lè wò ó kọ. Bí o ò bá sì gbọ́ nǹkan kan rí nípa rẹ̀, má hùmọ̀ ohunkóhun. Ìkíni kan, àdúrà kan, orúkọ rẹ àti bí o ṣe jẹ́ sí wọn. Ìlà mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ ìlà mẹ́ta tí kò ní irọ́ nínú ti kí ènìyàn.

Àdúrà ńkọ́? Kí ẹ mọ ẹ̀sìn òkú kí ẹ tó gbà á, ká má tún lọ gbọ́ "sùn nínú Jésù" nínú ilé Ààfáà. Mùsùlùmí kì í pẹ́ kí wọ́n tó sin òkú wọn. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sábà máa ń sin ín, nítorí náà ìwọ tó dé lọ́jọ́ kẹta kò ní máa kọ ọ́ pé Ọlọ́run á jẹ́ kí ìsìnkú yọrí sí rere. Gbàdúrà pé kí Ọlọ́run foríjì í, kó fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ. Ilé tiwa sì nìyí, níbi tí ìyá ti jẹ́ ọmọ ìjọ, tí ọmọ jẹ́ Alájì. Ti òkú lẹ máa tẹ̀ lé. Bí ẹ ò bá mọ̀, orúkọ Ọlọ́run nìkan tó, kò sí ẹni tí inú ń bí sí i.

Ọ̀kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ kọ rárá. Bí ọmọ ọwọ́ bá kú, tàbí tí oyún bàjẹ́, àwọn àgbà obìnrin máa ń sọ fún ìyá ọmọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n jókòó tì í ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ti bá a dé ilé ìwòsàn. Ìwọ tí o ò mọ̀ ju ọkọ rẹ̀ lọ, bí o bá kọ ọ́ ránṣẹ́, ohun tí ó máa kà níbẹ̀ ni pé ọmọ tó bí kò já mọ́ nǹkan kan, kó yáa bí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá máa sọ ọ́. Kọ ọ́ pé, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, ó dùn mí, kí Ọlọ́run tù yín nínú," kí o sì dákẹ́.

Mo ti ń gbọ́ yín: "Bàbá, ta ló ṣì ń kọ̀wé? Fóònù la fi ń kí ènìyàn." Fóònù náà ni mo fẹ́ dé. Ìròyìn ikú á bọ́ sórí Wọ́tsáàpù ẹgbẹ́, ẹnì kan á tẹ lẹ́tà mẹ́ta tí àwọn Òyìnbó ń gbẹ́ sára òkúta ibojì, gbogbo yín á sì tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e títí ojú fóònù á fi kún. Ṣé ọlọ́fọ̀ ni ẹ kí ni, àbí ẹ̀yin àti ara yín lẹ ń ka iye yín? Àwọn mìíràn á fi àwòrán àbẹ́là tí ń jó ránṣẹ́, tí ẹ̀gbọ́n wọn fi ránṣẹ́ sí wọn nígbà òkú ẹlòmíràn. Bí o bá mọ ẹni náà débi pé o ní nọ́ńbà rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ rẹ ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀. Ìwé tí a jọ kọ fún Kúnlé lẹ́ẹ̀kan yẹn wọ inú fóònù dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni kí o fi kún un níparí: "Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn." Ọlọ́fọ̀ tó ń wá pósí, tó ń wá ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀, tó ń bá àwọn ẹbí jà lórí aṣọ, ẹ tún fẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn.

Ẹ sì yé kọ "bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ pè mí." Wọn ò ní pè ọ́, ìwọ náà sì mọ̀. Ẹni tí kò mọ òkú kò lè ṣe ohun púpọ̀ nínú ilé òkú, ó lè ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóde. Bí Kúnlé bá jẹ́ akọ̀wé, kọ ọ́ sí i pé: "Mo ti gba fáìlì ìsanwó oṣù yìí lórí tábìlì rẹ, màá parí rẹ̀, má sáré padà." Kó o tó kọ ọ́, rí i pé o ti gba fáìlì náà lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ àpòòwé owó lo fẹ́ fún wọn, kọ orúkọ sára rẹ̀, fún ẹni tí ìdílé yàn, má sì dárúkọ iye rẹ̀ nínú ìwé ìbánikẹ́dùn. Mo ti rí i o.

Bí o ò bá gbọ́ lásìkò ńkọ́? Kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ìtìjú dí wọn lọ́wọ́ torí ó ti pé oṣù méjì. Oṣù kejì gan-an ni ilé máa ń ṣófo jù, tí àwọn tó ń pè lójoojúmọ́ ti dẹ́kun ìpè. Má fi ìdajì ìwé ṣàlàyé ìdí tí o fi pẹ́. "Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo gbọ́," ó tó, kó o wá bọ́ sórí ohun tí o fẹ́ sọ.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti kọ "ìyá rere, ìyá àwòkọ́ṣe", tí ọ̀rọ̀ yìí wá gún un lára níbi tábìlì, kó má fa ewé ìwé náà ya bí àwọn kan ti ṣe lójú mi. Kó fa ìlà kan ṣoṣo sí i láàárín, kó kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ewé yẹn ni aláta ti kọ tirẹ̀.